Ìbéèrè kan lórí ìgbà tí ẹ̀rọ gba òwú lọ́wọ́ ìyá àgbà

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé la bá wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọmọ nílé-ìwé náà lè bá wa jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ òwú àti aṣọ ni.

Ìbéèrè kan wà tí àwa olùkọ́ ìtàn kì í yéé bi àwọn ọmọ kíláàsì gíga. Èdè Faransé la fi ń bi í, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé: kí ló fa Ìyípadà Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí sì ni àbájáde rẹ̀ láwùjọ? Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ti ń bi wọ́n, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì ń kọ fún wa. Wọ́n á to orúkọ ẹ̀rọ àti orúkọ ẹni tó ṣe é sílẹ̀ bí ẹni to ọjà sórí àtẹ. Wọ́n á fi ọkọ̀ ojú irin kún un. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ pé ìlú kún, pé àwọn ọmọdé jìyà, ó tán. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí àwa náà la pè é fún wọn tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn olùkọ́ tiwa pè é fún wa.

Ọmọbìnrin kan ló tú wa fó. A ti dá ìwé ìdánwò padà, ó ti rí i pé òun kò gba ju ìdajì lọ, ó wá bá wa lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, “Músíè, ẹ má bínú. Mo kọ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí kò yé mi. Ìyá àgbà mi ní Sábẹ̀ẹ́ máa ń ran òwú. Ìyá tirẹ̀ náà ran òwú. Òwú pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, òwú kì í tilẹ̀ hù lọ́dọ̀ wọn. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀rọ òwú ti bẹ̀rẹ̀?”

A dákẹ́. Ohun tó béèrè yẹn gan-an ni ìbéèrè ìdánwò náà, kò sì sí nínú ohun tí a pè fún wọn. A ní kó lọ sílé, pé a ó dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí a lọ kà padà, tí a sì fi ń kọ́ wọn láti ìgbà náà, la fẹ́ kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Kí aṣọ tó di aṣọ, ẹnìkan ní láti ran òwú, ẹlòmíràn á wá hun ún. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí òfì mọ̀ pé ìran òwú ló ń pẹ́ jù. Ahunṣọ kan lè hun òwú tí obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ràn tán, kó sì tún jókòó máa dúró dè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní agbègbè Lancashire, nínú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é: ìyàwó àti àwọn ọmọ ń ran òwú, baálé ń hun aṣọ, oníṣòwò kan ló ń gbé òwú tútù wá fún wọn, tó sì ń padà wá kó aṣọ.

Ní ọdún 1733, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Kay rí ọgbọ́n kan dá sí òfì. Tẹ́lẹ̀, ahunṣọ máa ń fi ọwọ́ sọ igi tí òwú wà nínú rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, bí aṣọ náà bá sì fẹ̀, ènìyàn méjì ló ní láti dúró ti òfì kan. Kay so okùn mọ́ ọn, débi pé ẹnì kan ṣoṣo lè máa fa okùn kí igi náà máa sáré lọ, kó máa sáré bọ̀. Nígbà tí ọgbọ́n náà wá tàn kálẹ̀ lẹ́yìn bíi ogún ọdún, ahunṣọ kan ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì. Ó dára fún ahunṣọ, ṣùgbọ́n ìyọnu dé bá àwọn tó ń ran òwú. Bí obìnrin mẹ́rin kò bá tó fún un tẹ́lẹ̀, mélòó ni yóò tó báyìí? Òwú ríràn wá wọ́n bí ojú, ẹnikẹ́ni tó bá rí ọgbọ́n láti ran án kíákíá mọ̀ pé owó ló ń dúró de òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di sí nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni James Hargreaves ṣe ṣe ẹ̀rọ tó ń ran fọ́nrán òwú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ní nǹkan bí ọdún 1764. Òwú tirẹ̀ kò lágbára tó, ó máa ń já. Richard Arkwright mú òmíràn jáde ní 1769 tí omi odò ń yí, òwú rẹ̀ sì le. Ẹ̀rọ yìí tóbi ju ohun tó lè wọ yàrá ẹnikẹ́ni lọ, nítorí náà ó kọ́ ilé fún un létí odò ní Cromford ní 1771, ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ wá síbẹ̀. Ní 1779, Samuel Crompton da ọgbọ́n àwọn méjèèjì pọ̀, òwú tó ti inú tirẹ̀ jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Nígbà tó fi di bíi 1785, ẹ̀rọ olóoru tí James Watt ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀rọ òwú dípò odò. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ kò nílò àti wà létí odò mọ́. Ibi tí èédú ilẹ̀ àti ènìyàn bá wà ló lè wà, ìyẹn ni pé ó lè wọ ìlú.

Ẹ wò ó báyìí: orúkọ kan náà tí àwọn ọmọ ń kọ la kọ sókè yìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀kan ń fa èkejì. Ẹ̀rọ kọ́ ló fa ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tó di síbì kan, tí ìyà rẹ̀ sì ń jẹ ẹni tó lówó lọ́wọ́, ló fà á. A máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kọ orúkọ ẹ̀rọ kankan láìkọ ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀ lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn kò tíì gba ìdáhùn. Lọ́dọ̀ wa náà, ahunṣọ ń dúró de òrànwú. Kí ló dé tí ẹnìkan kò fi ṣe ẹ̀rọ?

Ìdáhùn tí onímọ̀ ìtàn ọrọ̀-ajé kan tó ń jẹ́ Robert Allen fún un ló tẹ́ wa lọ́rùn jù. Ó ní ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó la fi ń rà á. Ènìyàn kì í náwó sórí ẹ̀rọ àfi bí ohun tí ẹ̀rọ náà yóò gbà là nínú owó òṣìṣẹ́ bá ju owó ẹ̀rọ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, owó òṣìṣẹ́ ga ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èédú ilẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn, ó sì pọ́ọ́kú. Ẹni tó fi ẹ̀rọ àti èédú rọ́pò ọwọ́ ènìyàn rí èrè. Ilẹ̀ Faransé mọ ẹ̀rọ Hargreaves, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn ní nǹkan bí 1771, ṣùgbọ́n àwọn tó rà á kò pọ̀, nítorí owó àwọn obìnrin tó ń ran òwú níbẹ̀ kéré. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n. Ìṣirò wọn ló yàtọ̀. Ti ìyá àgbà ní Sábẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ta ló ń sanwó fún un pé ó ran òwú? Ó ń ràn án nígbà tó bá ti oko dé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bó ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ olówó ńlá láti fi rọ́pò iṣẹ́ tí a kò sanwó rẹ̀.

Nígbà tí a sọ èyí fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Músíè, a jẹ́ pé nítorí pé ìyá àgbà mi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ni.” A ní bẹ́ẹ̀ ni, apá kan rẹ̀ nìyẹn.

Apá kejì wà tí kò yẹ ká fò. Ibo ni òwú tí wọ́n ń ràn ní Lancashire ti ń wá? Òkè òkun ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti oko tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́, ní erékùṣù Kàríbíánì ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní gúúsù Amẹ́ríkà, pàápàá lẹ́yìn 1793 tí Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú. Èébúkà wa wà nínú àwọn ẹrú náà. Ta ni ó sì ń fẹ́ aṣọ náà? Aṣọ òwú ilẹ̀ Íńdíà ló kọ́kọ́ gbayì ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ahunṣọ ìrun àgùntàn pariwo, ìjọba sì fi òfin dí i ní 1700 àti 1721. Òfin yẹn ló ṣí àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣe irú aṣọ náà nílé. Nítorí náà, bí a bá ń kọ ohun tó fà á, ohun mẹ́ta la ó tò, a ó sì so wọ́n pọ̀: iṣẹ́ tó di síbì kan láàárín òrànwú àti ahunṣọ, owó òṣìṣẹ́ tó ga níbi tí èédú ti pọ́ọ́kú, òwú òkè òkun àti ọjà tó ń dúró de aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ àṣìṣe kan tó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n máa ń kọ ọkọ̀ ojú irin mọ́ ohun tó fa ìyípadà náà. Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn: wo ọdún. Ilé-iṣẹ́ Cromford ti ń ṣiṣẹ́ ní 1771. Ọkọ̀ ojú irin láti Liverpool sí Manchester kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1830. Ọmọ kì í bí ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin jẹ́ ọmọ ìyípadà náà, tó wá dàgbà tán tó sì ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ ọ́, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku apá kejì ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni “láwùjọ”. Kì í ṣe iye aṣọ tí wọ́n tà, kì í ṣe èrè tí ìjọba jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ni wọ́n ń béèrè: ta ló jèrè, ta ló pàdánù, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé, kí ni wọ́n ṣe sí i. Àwa máa ń ní kí àwọn ọmọ mú irú ènìyàn kan ṣoṣo, kí wọ́n tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí a máa ń mú ni ahunṣọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìran òwú dé, ahunṣọ kò pàdánù rárá. Orí rẹ̀ ló wú. Òwú tó ti ń wá kiri rí di púpọ̀, ó pọ́ọ́kú, kò sì tíì sí ẹ̀rọ tó lè hun ún dáadáa. Edmund Cartwright ti ṣe òfì ẹ̀rọ ní 1785, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo òwú yẹn wá ń wá ọwọ́ tí yóò hun ún. Ní ìlú Bolton, ahunṣọ ń gba bíi ṣílè 33 lọ́sẹ̀ ní 1795. Àwọn àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, wọ́n lọ kọ́ aṣọ híhun. Àwọn ahunṣọ ọlọ́wọ́ wá lé ní 200,000.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iṣẹ́ híhun rọrùn láti kọ́, ènìyàn sì pọ̀ sí i lójoojúmọ́, nítorí náà owó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kí òfì ẹ̀rọ tilẹ̀ tó tàn kálẹ̀. Ní 1815, ṣílè 14 ni ahunṣọ Bolton ń gbà. Lẹ́yìn náà ni òfì ẹ̀rọ wá dára tán, tó ń hun aṣọ láìsimi. Láàárín 1829 sí 1834, owó ọ̀sẹ̀ ahunṣọ kò ju bíi ṣílè márùn-ún àti ààbọ̀ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ohun tí bàbá ń gbà lọ́sẹ̀ kan, ọmọ rẹ̀ ní láti ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó rí i. Ẹ̀rọ ìran òwú ló sọ ọ́ di olówó, òfì ẹ̀rọ ló sì lé e dé ẹnu ọ̀nà ebi, láàárín ogójì ọdún péré.

Àwọn kan kò dákẹ́. Láti 1811, àwọn tí wọ́n ń pè ní Luddite ń fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ lóru, ìjọba sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ikú ní 1812. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ahunṣọ sílíìkì ní ìlú Lyon dìde ní oṣù kọkànlá 1831 nítorí owó iṣẹ́. Àwọn ọmọ máa ń kọ pé aláìmọ̀kan ni àwọn tó fọ́ ẹ̀rọ. A kì í gba ìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ ti 33 dé 14 kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á lójú.

Bí ahunṣọ bá ti lọ tán, ilé-iṣẹ́ ni ìdílé rẹ̀ ń wọ̀, ibẹ̀ sì ni àbájáde yòókù ti ń jáde, tí a lè kọ níwọ̀nba. Iṣẹ́ kúrò nílé. Kì í ṣe oòrùn tàbí àárẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí ènìyàn yóò dúró mọ́, agogo ni. Àwùjọ pín sí ẹni tó ni ẹ̀rọ àti ẹni tí kò ní ju apá rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń gbà jù, nítorí owó wọn kéré, ọwọ́ wọn sì lè wọ abẹ́ ẹ̀rọ láti so òwú tó já. Manchester tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 80,000 ní 1801 ti kọjá 300,000 ní 1851, láìsí omi tó mọ́ tàbí ibi ìdọ̀tí fún ọ̀pọ̀ wọn. Àrùn onígbáméjì jà níbẹ̀ ní 1832.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ parí ìdáhùn rẹ̀ sí ìyà. Ohun tí àwùjọ ṣe sí i jẹ́ àbájáde náà. Òfin 1833 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ tí kò pé ọdún mẹ́sàn-án má ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ, ó sì yan àwọn alábẹ̀wò tí yóò máa wò ó. Ní ilẹ̀ Faransé, dókítà Villermé tẹ ìwé jáde ní 1840 lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ṣe ń gbé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin jáde pé ọmọ tí kò pé ọdún mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní ogún. Òfin yẹn kò ní alábẹ̀wò gidi, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló rú u. Ọmọ tó bá kọ òfin méjèèjì, tó sì sọ ìdí tí ọ̀kan fi múlẹ̀ ju èkejì, ti fi hàn pé òun kò há a sórí lásán.

Báyìí ni ọmọbìnrin wa ṣe tún ìdáhùn rẹ̀ kọ. Ìpínrọ̀ kan lórí iṣẹ́ tó di síbì kan, ọ̀kan lórí owó òṣìṣẹ́ àti èédú, ọ̀kan lórí òwú ẹrú àti ọjà. Lẹ́yìn náà ahunṣọ, lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ àti ìlú, lẹ́yìn náà òfin. Ìpínrọ̀ mẹ́fà, ojú ìwé méjì àti díẹ̀. Kò kọ orúkọ ẹ̀rọ tó pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

Ní ìparí, ó kọ ohun kan tí a kò sọ fún un. Ó kọ pé àwọn ẹ̀rọ náà nílò òróró, àwọn òṣìṣẹ́ sì nílò ọṣẹ, pé epo pupa láti etíkun wa wà nínú ohun tí wọ́n lò. A lọ wò ó, òótọ́ ló sọ. Régis, oníṣòwò ará Marseille, bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo ní Wídà ní 1841, nígbà Ọba Guézo. Epo yẹn kò sọ ẹrú di òmìnira níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọn kò rí tà kọjá òkun mọ́ ni wọ́n fi sí oko ọ̀pẹ Dàhòmì, àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó sì wà nínú wọn. Aṣọ Manchester ló sì ń bá ọkọ̀ padà wá sí ọjà wa. Àbájáde láwùjọ kò dúró sí Lancashire.

Lọ́jọ́ tí a dá ìwé kejì padà fún un, a bi í bóyá ìyá àgbà ṣì ń ran òwú. Ó ní rárá, ojú kò ríran mọ́, kò sì sí ọmọ kankan tó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òun lọ kí i, òun ka ìdáhùn náà sí i létí, òun ń túmọ̀ rẹ̀ bí òun ti ń lọ. Nígbà tí òun dé ibi owó ahunṣọ Bolton, ìyá àgbà ní kí òun tún un kà. Ó wá béèrè pé, “Àwọn obìnrin tó ń ran òwú fún wọn ńkọ́, èló ni wọ́n ń gbà nígbà tí ẹ̀rọ dé?”

Ìpínrọ̀ keje nìyẹn. Àwọn ni iṣẹ́ kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣáájú ahunṣọ, nínú ilé wọn. Láti ìgbà náà, a kì í kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìbẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn.